Ẹ Kú Iṣẹ́ Àná, Mà: Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Ọjọ́ Ìdánwò ní Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Ní ìlú Ìbàdàn, télọ̀ tó ti gba fìrídọ́ọ̀mù ṣùgbọ́n tí kò tíì lówó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sábà máa ń lọ ṣe jọ́nímáànù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá dé ibẹ̀, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. Ohun tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ ni pé, "Wá lọ́jọ́bọ̀, wá rán nǹkan kan ká rí ọwọ́ rẹ." Bó bá dé lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbé aṣọ oníbàárà kan tí wọ́n ti gé kalẹ̀ fún un, wọ́n á fi ẹ̀rọ kan hàn án, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ ohun tó tọ́, wọ́n á san owó iṣẹ́ aṣọ yẹn fún un, ì báà gba iṣẹ́ náà, ì báà má gbà á. Oníbàárà máa wọ aṣọ tó rán, oníbàárà náà ló sì máa sanwó rẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tó rán an yóò fi lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ tí irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwọ̀nba ìlà mélòó kan ni lórí fóònù, àwọn tó sì ń kọ ọ́ kò kéré, torí ọmọ Yorùbá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó má kí i kú àná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ ni kò ṣe iṣẹ́ kankan fún wọn. Mo mọ ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Bódìjà, tó ti dán jọ́nímáànù tó pọ̀ wò. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ máa ń yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ó ní kò lè sọ ẹni tí kò mọ aṣọ rán di ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ìgbà tí ó bá dán ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ọwọ́ méjì nínú wọn jọra, tí kò sì rántí mọ́ ta ló rán èwo. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ kó rántí òun, tó sì jẹ́ kó rántí òun sí rere, ló máa pè.

Èyí yẹ ká fi sọ́kàn, torí ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà wà fún. Ọ̀gá kò nílò kí wọ́n yìn ín. Ó nílò kí wọ́n rán an létí ẹni tó kọ̀wé, aṣọ tó rán, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà, àti ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo télọ̀ kan tó lọ ṣe ìdánwò ní ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí. Ọ̀dọ́bìnrin ni, Mọ́níyà ló ti wá, ó ti gba fìrídọ́ọ̀mù, àmọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n jọ ṣàdéhùn lórí fóònù pé yóò rán sẹ́nétọ̀ kan, èwù àti ṣòkòtò, yóò sì gba ₦8,000. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló dé. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n gbé fún un, bọ̀ọ̀dá tó ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù náà ti gé e sílẹ̀ tán.

Ohun àkọ́kọ́ tó kò ó lójú ni ẹ̀rọ oníná ńlá tí wọ́n fún un. Ẹ̀rọ yẹn kì í dúró de ènìyàn: bí ẹsẹ̀ bá fi kan ìtẹ̀ rẹ̀ lásán, abẹ́rẹ́ ti sáré kọjá ibi tí ó yẹ kó dúró. Kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó bèèrè àjákù aṣọ, ó fi rán ìlà gbọọrọ bíi mélòó kan, ó fi rán igun, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ bí ó ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà rí i, kò sọ nǹkan kan. Ṣòkòtò lọ dáadáa. Apá èwù náà lọ dáadáa. Ibi ojú àyà, níbi tí bọ́tìnì máa ń wà, ni wàhálà ti dé.

Ojú àyà sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ le díẹ̀ kó lè dúró gbọọrọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ gọ́ọ̀mù sitéè mọ́ ọn nínú. Ẹ̀gbẹ́ kan gọ́ọ̀mù náà ní àwọn ẹ̀kán kékeré tó ń dán, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn aṣọ, kí wọ́n tó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ooru á yọ́ àwọn ẹ̀kán yẹn, wọ́n á wọ inú aṣọ, bí wọ́n bá sì tutù, wọ́n á dì mọ́ ọn. Bí ooru kò bá tó, tàbí tí kò kárí, ibì kan á lẹ̀, ibì kan ò ní lẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fa áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ aṣọ lásán, gọ́ọ̀mù á sún kúrò láàyè rẹ̀. Bó bá sì gbé aṣọ kí ó tó tutù, ohun tó ti ń lẹ̀ á tún ṣí. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń já sí nǹkan kan náà: ojú aṣọ á wú léépo léépo, bí ara ọmọ tí iná jó. Bí wọ́n bá fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, yóò tún burú sí i.

Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, kò gbé áyọ́ọ̀nù, nítorí náà áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n gbé fún un. Ooru áyọ́ọ̀nù eléèédú kì í dúró lójú kan. Ó tẹ gọ́ọ̀mù náà, ó ń fà á, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ kíákíá kí ilẹ̀ má bàa ṣú. Nígbà tí ìyá náà yẹ aṣọ wò ní ìrọ̀lẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú àyà, ó rí ibi méjì tó wú. Bọ̀ọ̀dá tó ń gé aṣọ tú u, ó tún un lẹ̀, ó sì fi hàn án bí ó ṣe ń ṣe é: ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gọ́ọ̀mù náà, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó fi ara tẹ̀ ẹ́ láì fà á, ó ka ení títí dé ẹẹ́wàá jẹ́jẹ́, ó gbé e sókè, ó gbé e lé ibi tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì títí tó fi tutù. Wọ́n san ₦8,000 náà sínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ lálẹ́, ìyá náà sì sọ fún un pé òun á pè é.

Ó dé ilé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan. Kò fi í ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí sì dára. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ẹ kú alẹ́ mà. Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi lónìí. Ọlọ́run yóò bù kún yín, yóò sọ ṣọ́ọ̀bù yín di ńlá, ẹ ò ní rí ogun ọ̀tá, owó ò ní wọ́n yín láéláé. Mo nílò iṣẹ́ yìí gan-an mà, ilé ò dára rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mò ń retí ìpè yín."

Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí àìmọ̀wàáhù. Àdúrà inú rẹ̀ dára, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà yóò ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wá ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn ló lè kọ ọ́. Ọ̀gá tí kò bá tíì fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ kò ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Gọ́ọ̀mù tó wú, tí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, kò sí níbẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé télọ̀ náà kò rí i. Bó sì ṣe ní kí wọ́n ṣàánú òun yẹn, ó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ọwọ́ tó mọṣẹ́, ó gbé e lọ sórí àánú. Mo gbà pé èyí ló burú jù nínú rẹ̀. Ẹni tó gba jọ́nímáànù nítorí àánú máa ń sanwó fún un bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Iye tí wọ́n bá fi lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í sì yára gòkè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ fún un pé kó dúró di àárọ̀, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Èyí tó fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí agogo mẹ́jọ tó lù, nìyí. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ àná. Èmi ni télọ̀ tó wá láti Mọ́níyà, tó rán sẹ́nétọ̀ aláwọ̀ ewé. Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí láàyè. ₦8,000 tí a jọ sọ ti wọlé lálẹ́ àná. Gọ́ọ̀mù ojú àyà tó wú, mo tún un dán wò nílé lórí àjákù aṣọ bí bọ̀ọ̀dá ṣe fi hàn mí: mi ò fa áyọ́ọ̀nù, mo sì jẹ́ kó tutù kí n tó gbé e. Kò wú mọ́, àwòrán rẹ̀ nìyí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá fẹ́ kí n wá, mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, màá máa dé ní agogo mẹ́jọ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mi ò lè wá. Ẹ kú ìmúra ọ̀la mà, Ọlọ́run á jẹ́ kó rọrùn."

Ẹ wo bí ó ṣe fi ara rẹ̀ hàn. Kò gbára lé orúkọ nìkan, torí orúkọ ẹni tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ lọ lọ́kàn. Ó mẹ́nu kan àdúgbò tó ti wá àti aṣọ tó rán. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ṣì ń bẹ lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ìyá náà á gbójú sókè, á rí i.

Ìlà owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò. Àwọn kan rò pé kò bójú mu láti mẹ́nu kan owó nínú ìdúpẹ́, àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ máa ń dúpẹ́ owó náà títí bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ló ṣe, ó sì gba owó iṣẹ́. Ohun tó yẹ ni kó sọ pé ó wọlé, kó dárúkọ iye rẹ̀, kó sì sọ pé iye yẹn ni àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò sí. Èyí ní ìdí tó lágbára ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019, tí wọ́n sì gbé iye rẹ̀ lọ sí ₦70,000 lọ́dún 2024, kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ni kò de ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye aṣọ tó bá rán. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó pọ̀ jù ló bọ́ sí méjèèjì. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò kan ṣoṣo kò ní ìwé kankan. Ohun tí jọ́nímáànù ní ni ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́nu. Bó bá kọ iye náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀gá kà á tí kò sì takò ó, ó ti ní ibi tí òun àti ọ̀gá náà lè tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ owó aṣọ tó kàn.

Bí owó náà kò bá tíì wọlé ńkọ́? Nígbà náà, ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ ìdúpẹ́ láì mẹ́nu kan owó. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ mìíràn ránṣẹ́ tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì rí áléètì owó sẹ́nétọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nọ́ńbà báńkì mi tún nìyí." Bí ìdúpẹ́ àti ìbéèrè gbèsè bá wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀gá á ka ìdúpẹ́ náà bí ọ̀nà àtifi gba owó, inú á sì bí i sí ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n jẹ lówó.

Ibi gọ́ọ̀mù ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ènìyàn má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀gá ti rí àṣìṣe náà, ó ti fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí kò tíì rí ni ohun tí télọ̀ máa ṣe sí i. Ìdánwò ọjọ́ kan kò lè fi hàn bóyá ènìyàn máa ń gba ìtọ́ni tàbí kì í gbà á, torí ọjọ́ náà kéré jù. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi ìyẹn hàn: ó lọ sílé, ó wá gọ́ọ̀mù, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún un ṣe. Àwòrán àjákù aṣọ náà, ẹyọ kan péré, jẹ́rìí sí i. Bí ó bá fi àwòrán aṣọ mẹ́wàá tó ti rán látẹ̀yìnwá ránṣẹ́, kò ní níyì tó ẹyọ kan yẹn.

Bó bá jẹ́ pé kò sí àṣìṣe kankan lọ́jọ́ náà, ẹ mú ohun kan pàtó tí ẹ rí kọ́ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń to ọnà àńkárá kó bára mu ní ojú àyà, tàbí bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn bùbá léèsì kí etí rẹ̀ má bàa là. Ẹ má ṣe sọ ohun tí ẹ kò rí. Ọ̀gá máa mọ̀ bí ẹ bá ń yìn ín lórí nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Gbólóhùn kúkurú tó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá tó ń gé aṣọ ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé aṣọ ló ń bá àwọn jọ́nímáànù gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá sọ pé òun ò lè bá ẹnì kan ṣiṣẹ́, ó ṣòro kí ọ̀gá tó mú un. Ìyá Bódìjà sọ pé òun ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún bọ̀ọ̀dá yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yẹn gbọ́ ohun tí mo sọ." Ẹ má ṣe lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀gá, pàápàá láti bi í bóyá wọ́n ti mú yín. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀gá kí i.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ náà wọlé ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn oníbàárà ń rọ́ wá gba aṣọ ẹbí, ẹlòmíràn á dúró lórí ọ̀gá títí wọ́n á fi gán etí aṣọ rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé lákòókò yẹn á rì sábẹ́ ogójì ìbéèrè "Ẹ ti parí aṣọ mi bí?" Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ Mọ́níyà ṣe ìdánwò, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù Jímọ̀ nìkan ni àyè tó dára fún un. Ká ní ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ni wọ́n dán an wò, màá ní kó dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìdúpẹ́ tó pẹ́ ọjọ́ méjì tí wọ́n kà sàn ju èyí tó yá tí wọn ò rí lọ. Ṣùgbọ́n kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta, torí nígbà yẹn aṣọ tí ẹ rán ti kúrò lórí ìkọ́, oníbàárà ti gbé e lọ.

Kíkọ ló dára jù, kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ohùn ló rọrùn fún ọ̀pọ̀ wa, ìkíni Yorùbá sì dùn lẹ́nu ju ìwé lọ. Síbẹ̀ ọ̀gá tí ẹ̀rọ mẹ́fà ń dún ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì lè wá iye owó tàbí ọjọ́ tí ẹ sọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ àgbà tí kì í kàwé lórí fóònù, ẹ pè é ní àárọ̀, ẹ kúnlẹ̀ lórí fóònù náà bí ẹ ṣe máa kúnlẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sọ ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi iye owó àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìlà méjì lẹ́yìn náà.

Ohun kan wà tó ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn tó mọ aṣọ rán dáadáa lọ́wọ́. Wọ́n á ya àwòrán aṣọ tí wọ́n rán lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á gbé e sórí ojú ìwé Wásáàpù wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n rò pé ọlá ni wọ́n ń bù fún ọ̀gá. Aṣọ yẹn jẹ́ ti oníbàárà tó fẹ́ wọ ọ́ lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí sitáìlì náà ṣáájú. Bí ó bá rí i lójú ìwé ẹni tí kò mọ̀ rí, ọ̀gá ló máa dá lẹ́bi. Àwòrán àjákù tí ẹ ṣe nílé kò lẹ́ṣẹ̀. Aṣọ oníbàárà, ẹ bèèrè kí ẹ tó yà á, ẹ má sì gbé e síbikíbi.

Ní ìlú London, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí ní Peckham àti àyíká rẹ̀, ilé oúnjẹ ni ọjọ́ ìdánwò ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ owó lágbára níbẹ̀ ju ti wa lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 lọ sí £12.21, nítorí náà ní iye yẹn, iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n ní kí ènìyàn fi ṣe ìdánwò tó £97.68. Ìdánwò kúkurú tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ rí bí ènìyàn ṣe ń di ọ̀bẹ mú lè má ní owó nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gùn, tó sì jẹ́ iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi ń ṣe, owó wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tibẹ̀, ẹ kọ wákàtí tí ẹ dé àti èyí tí ẹ lọ, nítorí wákàtí ni wọ́n fi ń ṣírò. Bó bá sì jẹ́ ọ̀gá ilé ìdáná ni ẹ ń kọ ọ́ sí, àárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán ni kó wọlé.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ, ìdáhùn lè máà wá. "A dúpẹ́" tàbí "Ó dáa" lásán kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, kò sì túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá kan lè ka ọ̀rọ̀ kó má dáhùn nítorí pé ẹnì kan ṣì kù tó fẹ́ dán wò. Bó bá ti dá ọjọ́ fún yín, ẹ dúró dìgbà yẹn. Bí kò bá dá ọjọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kí ẹ wá bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ní kí n mọ̀ bóyá ẹ ti rí télọ̀ tí ẹ ń wá, torí ibòmíràn ń bèèrè mi fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kí ó jẹ́ òótọ́ pé ibòmíràn ń bèèrè yín kí ẹ tó kọ ọ́. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ bèèrè lásán.

Ìyá Bódìjà pe ọmọ Mọ́níyà lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ₦8,000 kan náà lórí sẹ́nétọ̀ kan, àmọ́ kò ní rán léèsì títí yóò fi lo oṣù kan. Ó gbà. Ẹlòmíràn tí wọ́n dán wò lọ́sẹ̀ kan náà, ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tirẹ̀ lọ, ni ìyá náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pé òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Ìdáhùn ọmọ náà ò ju ìlà méjì lọ: "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi mà. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù nígbà Iléyá, ẹ pè mí, mo lè wá fún ọ̀sẹ̀ kan." Ìyá náà fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ "sẹ́nétọ̀, ọwọ́ yá, Iléyá" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.